Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣètò Àyè Àárín Lẹ́tà Nínú Àkọlé Lẹ́tà Ńlá àti Nínú Ọ̀rọ̀ Wínníwínní

Àwọn tó ń ṣe ìwé ètò ayẹyẹ, káàdì ìpè àti ojú ewé ayélujára lédè Yorùbá ń bi mí ní ìbéèrè kan náà ṣáá: "Àkọlé tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ há mọ́ra jù. Báwo ni kí n ṣe ṣí i tó?" Ẹlòmíì á ní òun ti ṣí i tán, ṣùgbọ́n nǹkan wá burú sí i: àmì ohùn kò jókòó sórí lẹ́tà rẹ̀ mọ́, tàbí kí ọ̀rọ̀ mẹ́rin di ọ̀kan gbọọrọ. Ohun tí mo kọ síbí ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń júwe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń pọ̀ jù fún èdè tiwa, ẹ sì máa rí ìdí rẹ̀ bá a ṣe ń lọ.

## Ìdáhùn fún ẹni tó ń kánjú

Gbogbo ìwọ̀n yìí jẹ́ ìdá kan nínú ìwọ̀n fọ́ǹtì tí ẹ ń lò.

- Àkọlé lẹ́tà ńlá, póìǹtì 14 sí 36: ẹ fi 5% sí 8% kún un.
- Àkọlé lẹ́tà ńlá tó tóbi gan-an, póìǹtì 60 sókè: 1% sí 3% ti tó.
- Lẹ́tà ńlá tó kéré, póìǹtì 6 sí 9: 8% sí 10%.
- Lẹ́tà kékeré lásán, póìǹtì 6 sí 8: 1% sí 3%.
- Ọ̀rọ̀ inú ìwé, póìǹtì 10 sí 12: ẹ má fọwọ́ kàn án. Òdo ni kó wà.

Ìdí tí lẹ́tà ńlá fi nílò àyè ni pé ẹni tó ya fọ́ǹtì ṣètò ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ńlá kó lè bá lẹ́tà kékeré tó bá tẹ̀ lé e mu, bó ṣe wà nínú "Bọ́lá" tàbí "Ìbàdàn". Tí lẹ́tà ńlá bá wá ń tẹ̀ lé lẹ́tà ńlá, àyè yẹn kì í tó, pàápàá láàárín àwọn lẹ́tà tí ẹ̀gbẹ́ wọn dúró gbọnrangandan bí I, H, B àti N. Ti ọ̀rọ̀ wínníwínní yàtọ̀. Àyè àárín lẹ́tà ń dín kù bí lẹ́tà ṣe ń dín kù, títí ojú ò fi ní lè ya lẹ́tà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì mọ́.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan àyè

Fọ́ǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé tí fọ́ǹtì kò bá mọ èdè Yorùbá, kò sí àyè tó lè tún un ṣe. Ẹ tẹ ìlà yìí sínú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ tóbi lójú kọ̀ǹpútà:

ẸGBẸ́ ỌLỌ́JỌ́ ÌBÍ, Ọ̀ṢỌ́, KÌ Í ṢE

À, É, Ì àtàwọn bíi tiwọn ní nọ́ńbà tiwọn nínú Yúníkóòdù, ìyẹn àtòjọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, wọ́n sì jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ, Ọ àti Ṣ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́ àti Ọ̀ kò ní. Lẹ́tà Ọ pẹ̀lú àmì ohùn tó dá dúró ni kọ̀ǹpútà máa ń kó jọ kí Ọ́ tó jáde. Fọ́ǹtì ló ń sọ ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí. Tí fọ́ǹtì kò bá sọ ọ́, àmì á fì sí apá ọ̀tún, á bọ́ sórí lẹ́tà tó kàn, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá lẹ́tà yẹn lára fọ́ǹtì míì, kí Ọ́ sì wúwo ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ wo nǹkan mẹ́ta:

- Ṣé àárín orí lẹ́tà gan-an ni àmì ohùn wà?
- Ṣé àmì abẹ́ Ọ, Ẹ àti Ṣ ṣì hàn, tí kò sì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà?
- Ṣé Ọ́ àti Ọ nípọn bákan náà?

Tí ọ̀kan bá kùnà, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì. Noto Sans, Noto Serif, Andika, Gentium àti Charis SIL gbé àmì wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

## Ìgbésẹ̀ fún àkọlé lẹ́tà ńlá

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ṣe pa pọ̀. Ìwé ètò ọjọ́ ìbí ni, A5 ni bébà rẹ̀, àkọlé iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ÈTÒ AYẸYẸ ỌJỌ́ ÌBÍ ní póìǹtì 28.

1. Ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà pé pérépéré kí ẹ tó ṣe nǹkan míì. Ọ̀pọ̀ ń yọ àmì kúrò lórí lẹ́tà ńlá torí pé àmì ń ba ìlà jẹ́ lójú wọn. Tí ẹ bá ṣètò àyè tán kí ẹ tó fi àmì sí i, ẹ máa tún iṣẹ́ yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni.

2. Ẹ tan ètò tó ń mú lẹ́tà méjì kan sún mọ́ra. `Kerning` ni orúkọ tí ẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ áàpù. Nínú InDesign, ẹ yan `Metrics`. Nínú Word, ẹ tẹ Ctrl+D, ẹ lọ sí `Advanced`, kí ẹ sì sààmì sí `Kerning for fonts`. Ìgbésẹ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú àyè gbogboogbò. Ẹ wo AYẸYẸ nínú àkọlé wa: ẹsẹ̀ A fẹ̀ nísàlẹ̀, apá Y fẹ̀ lókè, àyè ńlá sì ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ tún wo ÌBÍ: òpó Ì àti òpó B dúró gbagidi síra wọn. Tí ẹ bá fi àyè kan náà kún gbogbo rẹ̀ láìtan `Kerning`, ihò àárín A àti Y á kàn máa fẹ̀ sí i ni, ÌBÍ á sì tún dà bíi pé ó há.

3. Ẹ fi 6% bẹ̀rẹ̀. Fún póìǹtì 28, ìyẹn jẹ́ póìǹtì 1.68 lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 14 àti àlàfo 3 ló wà nínú àkọlé wa, nítorí náà ìlà náà máa fi nǹkan bíi póìǹtì 28 gùn sí i, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ rí i dájú pé ó ṣì gba inú bébà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Tí kò bá gbà á, ìwọ̀n fọ́ǹtì ni kí ẹ dín kù. Ẹ má ṣe fún lẹ́tà pọ̀.

4. Ẹ wo ibi tó há jù, kì í ṣe ibi tó fẹ̀ jù. Nínú àkọlé yìí, ÌBÍ ló há jù. Tí ojú bá ti lè ya Ì sọ́tọ̀ kúrò lára B láìṣe wàhálà, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ tún wo orí lẹ́tà. Lẹ́tà Ì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àmì tó wà lórí rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ó sì máa ń yọ síta sórí lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àmì méjì bá ń fẹnu kanra, ẹ gbé e lọ sí 7% tàbí 8%.

5. Ẹ ṣí àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Ibí yìí ni èdè wa ti yàtọ̀ jù sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà kan tàbí méjì pọ̀ nínú Yorùbá: a, ó, ẹ, ń, ni, tí, kí, sì. Ẹ mú KÌ Í ṢE gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ àárín. Bí ẹ bá fi 15% ṣí i, àyè àárín Ṣ àti E á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ àlàfo tó wà láàárín Ì àti Í, ẹni tó ń kà á sì lè má tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kọjá 8% nínú àkọlé Yorùbá tó ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ẹ fi nǹkan bíi 12% kún àlàfo ọ̀rọ̀ níbi tí áàpù bá ti gbà yín láyè. Bí kò bá gbà yín láyè, ẹ sààmì sí àlàfo náà nìkan kí ẹ fi ìwọ̀n àyè tó ju ti lẹ́tà lọ sórí rẹ̀.

6. Ẹ fi àyè sí àárín ìlà. Ẹni tó ń fi lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ lè to ìlà léra wọn típẹ́típẹ́, torí pé lẹ́tà ńlá wọn kì í ní nǹkan lókè tàbí nísàlẹ̀. Tiwa ní méjèèjì. Bí ÌBÍ bá bọ́ sí ìlà kejì lábẹ́ AYẸYẸ, àmì abẹ́ Ẹ á já lé àmì orí Í lórí. Ẹ fi ìlà sí ìlọ́po 1.3 sí 1.4 ìwọ̀n fọ́ǹtì. Fún póìǹtì 28, póìǹtì 36 sí 39 nìyẹn.

7. Ẹ mú àyè ẹ̀yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn kúrò. Ọ̀pọ̀ áàpù ń fi àyè sẹ́yìn gbogbo lẹ́tà, títí kan èyí tó kẹ́yìn, níbi tí kò wúlò fún nǹkan kan. Tí àkọlé bá wà láàárín bébà, á fì sí apá òsì. Nínú àkọlé wa, kò tó ìdajì mìlímítà, kò sì hàn. Ṣùgbọ́n ní póìǹtì 60 pẹ̀lú 10%, ó máa fì ní bíi mìlímítà kan, inú àpótí tó ní ìlà yíká ni ojú sì ti máa ń kọ́kọ́ rí i. Nínú Word àti InDesign, ẹ yan lẹ́tà tó kẹ́yìn nìkan, kí ẹ sì dá àyè rẹ̀ padà sí òdo.

8. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ wò ó láti ibi tí apá nà dé. Ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ ti fẹ̀ sí 300% máa ń tan èèyàn, ẹ ó rò pé àyè ti pọ̀ nígbà tí kò tíì tó.

## Ìwọ̀n kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

6% tí à ń sọ kì í jẹ́ nọ́ńbà kan náà níbi gbogbo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà.

- Figma: `Letter spacing`, ẹ tẹ `6%`.
- InDesign, Illustrator àti Photoshop: `Tracking`, ẹ tẹ `60`. Ìdá ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ń kà á.
- CSS: `letter-spacing: 0.06em`.
- Word: `Spacing`, `Expanded`, lẹ́yìn náà `By`. Póìǹtì ni wọ́n fi ń kà á, torí náà ẹ sọ ìwọ̀n fọ́ǹtì di ìlọ́po 0.06. Fún póìǹtì 28, ẹ tẹ `1.7 pt`.

Ẹ kíyè sí ti Word gidigidi. Tí ẹ bá yí póìǹtì 28 padà sí 14 lẹ́yìn náà, 1.7 pt yẹn kò ní yí padà, á sì di 12% láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ní InDesign àti Figma, ìdá ni, òun àti fọ́ǹtì ló jọ ń yí padà. Fún áàpù tí ẹ kò mọ bó ṣe ń ka àyè rẹ̀, ẹ ṣe àkọlé kan ní póìǹtì 28 nínú Word, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì máa fi ojú wọn èyí tó wà nínú áàpù náà mọ́ ọn.

## Ọ̀rọ̀ wínníwínní

Ní ẹ̀yìn ìwé ètò wa, orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ àti nọ́ńbà fóònù wà ní póìǹtì 7. Lẹ́tà kékeré ni, kì í ṣe lẹ́tà ńlá.

1. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó gbọ́dọ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá lè gbé e lọ sí póìǹtì 8, ìyẹn wúlò ju àyè èyíkéyìí lọ.
2. Ẹ fi 2% kún un. Nínú InDesign, `20` ni. Nínú Word, póìǹtì 0.14 ni, ẹ fi `0.1 pt` tàbí `0.2 pt`, kí ẹ tẹ méjèèjì sórí bébà, kí ẹ sì mú èyí tó rọrùn láti kà.
3. Bó bá jẹ́ lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ dúdú, ẹ fi 1% sí i lé e. Tádàà dúdú máa ń tàn wọ inú lẹ́tà funfun nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́.
4. Ẹ fi ìlà sí ìlọ́po 1.4 sí 1.6.

Ibi tí ẹ máa yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀ bí "tíì", nínú "kò tíì dé". Í àti ì tẹ̀ léra wọn, àmì àkọ́kọ́ gòkè sí ọ̀tún, ìkejì sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀tún. Nígbà tí àyè bá há, orí àmì méjèèjì á pàdé, wọ́n á sì dà bí àmì kan ṣoṣo tó rí bí òrùlé. Tí ẹ bá rí òrùlé yẹn ní póìǹtì 7, àyè kò tíì tó. Ẹ fi 1% kún un, kí ẹ tún wò ó.

Ẹ tún wo "fi" àti "fí", tó pọ̀ gan-an nínú ìwé wa. Àwọn fọ́ǹtì kan máa ń so f àti i pọ̀ di lẹ́tà kan. Tí ẹ bá ṣí àyè, f àti i tó so pọ̀ yìí lè wà bó ṣe wà nígbà tí àwọn yòókù ń jìnnà síra, "fi" á sì dà bí kókó nínú ìlà. Ẹ pa `Ligatures` nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti ṣí àyè rẹ̀.

Àwọn fọ́ǹtì kan ní ẹ̀dà tí wọ́n dìídì yà fún ọ̀rọ̀ wínníwínní. `Caption` ló sábà máa ń wà nínú orúkọ rẹ̀. Àyè ti wà nínú ìyẹn tẹ́lẹ̀, ẹ má fi kankan kún un.

Àmọ́ ó níbi tí agbára àyè mọ. Tí àmì abẹ́ bá ti pòórá tí ọkọ sì ti di oko lórí bébà, kò sí iye àyè tó máa dá a padà. Fọ́ǹtì tó tóbi díẹ̀ sí i, tàbí èyí tí lẹ́tà kékeré rẹ̀ ga, bí Andika, ni ẹ nílò.

## Lórí ayélujára

```css
.akole {
  text-transform: uppercase;
  letter-spacing: 0.06em;
  word-spacing: 0.12em;
  line-height: 1.4;
  font-kerning: normal;
}
.akole-aarin {
  text-align: center;
  padding-left: 0.06em;
}
.wewe {
  font-size: 0.75rem;
  letter-spacing: 0.02em;
  line-height: 1.6;
}
```

`padding-left` tó wà nínú `.akole-aarin` ló ń dá àkọlé padà sí àárín gangan, torí àyè ẹ̀yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn tí mo mẹ́nu bà lókè. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti `letter-spacing` mu. Ẹ lo `em`, ẹ má lo `px`, kí àyè lè máa bá fọ́ǹtì yí padà.

Orí àkọlé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ `letter-spacing` sí, kì í ṣe orí `body`. Aṣàwákiri máa ń sọ `em` di iye kan pàtó níbi tí ẹ kọ ọ́ sí, iye yẹn gan-an ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì jogún, yálà fọ́ǹtì wọn tóbi tàbí ó kéré.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, "Ètò ayẹyẹ ọjọ́ ìbí", kí ẹ jẹ́ kí `text-transform` sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. Tí ẹ bá yí ọkàn padà lọ́la, ìlà kan ṣoṣo lẹ máa pa rẹ́. Àwọn aṣàwákiri òde òní mọ̀ pé Ọ àti àmì orí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, wọn kì í fi àyè sáàárín wọn. Bí ẹ bá rí i tí àmì yà kúrò, fọ́ǹtì ni kí ẹ fura sí.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n

Fífi kíbọ́ọ̀dù ṣí àyè. Ẹnìkan á tẹ È, á tẹ àlàfo, á tẹ T, títí dé òpin. Ojú lásán kì í tètè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì, ẹ ò ní rí i. Ìlà lè já sáàárín ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú á sì máa pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmì tó ń rìn kúrò lórí lẹ́tà. Áàpù tó ti pẹ́ lè ka àmì ohùn sí lẹ́tà tó dá dúró, kó sì fi àyè sáàárín òun àti Ọ. Ẹ máa rí i pé gbogbo À àti Í dára, Ọ́ àti Ẹ́ nìkan ni àmì wọn yà sí ọ̀tún. Bí ẹ kò bá lè pààrọ̀ áàpù náà, ẹ fi àyè sí òdo, kí ẹ sì fi ìwọ̀n fọ́ǹtì tàbí ìnípọn gbé àkọlé yọ.

Ṣíṣí lẹ́tà kékeré láti kún ìlà. Àkọlé kúrú, wọ́n sì fẹ́ kó gùn dé etí bébà, ni wọ́n bá ṣí i dé 30%. Ní ìwọ̀n kíkà, ojú máa ń kó lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ kan pọ̀ kà, àyè yẹn sì ń fọ́ ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ gbé fọ́ǹtì tóbi sí i dípò bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n kan fún gbogbo àkọlé. 6% tó dára ní póìǹtì 28 máa dà bí eyín tó jìnnà síra ní póìǹtì 72 lórí bánà. Bí fọ́ǹtì ṣe ń tóbi, ẹ máa dín ìdá náà kù.

## Tí lẹ́tà ńlá kò bá ṣeé tún ṣe

Àkọlé tó ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ, tí ọ̀rọ̀ onílẹ́tà kan sì pọ̀ nínú rẹ̀, kì í gba lẹ́tà ńlá dáadáa bó ti wù kí ẹ ṣètò àyè tó. "ẸNI TÍ Ó BÁ Ń BỌ̀ KÍ Ó MÚ ÌWÉ RẸ̀ DÁNÍ" jẹ́ irú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré tó nípọn, kí ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì dá àyè padà sí òdo. Tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín bá ṣì fẹ́ lẹ́tà ńlá dandan, ẹ gé e sí ìlà méjì níbi tí ọ̀rọ̀ ti parí, "ẸNI TÍ Ó BÁ Ń BỌ̀" lókè, ìyókù nísàlẹ̀, kí ẹ fi 5% sí lẹ́tà àti 15% sí àlàfo ọ̀rọ̀, kí ìlà sì wà ní ìlọ́po 1.4.